"Èló ni?" lábẹ́ àwòrán àdìrẹ: ṣé kí n kọ owó síta, àbí kí n pè wọ́n sí ínbọ́ọ̀sì?

Aládìrẹ Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọjà. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Abẹ́òkúta, yáàdì márùn-ún márùn-ún, lórí Fesibúùkù àti Instagíráàmù. Bí mo bá ti gbé àwòrán síta, "Èló ni?" ló máa kún abẹ́ rẹ̀. Mo máa ń dáhùn pé "Ẹ yẹ DM yín wò", ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í padà wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá kọ owó síta, àwọn tá a jọ ń tà á máa já tiwọn wálẹ̀. Báwo ni kí n ṣe máa dá wọn lóhùn? Àgbádá tí wọ́n ń dá rán ńkọ́, tí owó rẹ̀ kì í dúró sójú kan?

Ìyá Ìtòkú

Àbúrò, kọ owó náà sábẹ́ ìbéèrè yẹn gan-an. Ẹnì kan ló béèrè, àmọ́ àwọn tó ń kà á láìsọ̀rọ̀ pọ̀ ju òun nìkan lọ. Wọn ò ní béèrè tiwọn. Wọ́n kàn máa wò ó bóyá o dá ẹni àkọ́kọ́ lóhùn ni. Tí wọ́n bá rí "Ẹ yẹ DM yín wò", wọ́n á kọjá lọ. Ohun tó sì wà lọ́kàn wọn ni pé o fẹ́ wo ojú àwọn kó o tó pe owó, pé tó o bá rí i pé Kánádà lẹnì kan ń gbé, iye tó o máa pè fún un ò ní jọ ti ará Ìjẹ̀bú-Òde. Bóyá o ń ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí o ò ṣe é, ohun tí wọ́n á gbà gbọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n má kọ owó nìkan. "16,500" lásán máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

"Ẹ ṣeun. ₦16,500 ni yáàdì márùn-ún, aṣọ tí a kò tíì rán. Kọ́tìn ni. Búlúù yìí ku mẹ́ta. Wébìlì sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ₦2,500. Ìlú wo lẹ máa gbà á sí?"

Wo gbólóhùn "aṣọ tí a kò tíì rán" dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọmọge tó ti wọ̀ ọ́ ní gáùn lẹ máa ń fi sínú àwòrán. Ẹni tó ń wò ó rò pé gáùn náà ni ₦16,500. Ó sanwó, aṣọ dé, ó bá a ní kíká sínú lẹ́dà, ló bá ní o lu òun ní jìbìtì. Bákan náà ni ẹlòmíì máa rò pé yáàdì kan ni o pe ₦16,500 fún, á sì bínú lọ láìbéèrè. Iye tó kù ń jẹ́ kó mọ̀ bóyá òun lè ní sùúrù títí di ọjọ́ owó oṣù. Owó wébìlì ní tiẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọjà ti ń bàjẹ́: ẹni tó ti fọkàn sí ₦16,500 gbọ́ ₦19,000 nígbà tó kù díẹ̀ kó sanwó, ló bá dákẹ́.

Ìbéèrè ni kó o fi parí rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo tó rọrùn láti dáhùn. Má bi í pé "Ṣé ẹ máa rà á?" Ìlú tó wà lo nílò, torí òun ló máa sọ owó wébìlì gan-an.

Ohun kékeré kan tún wà. Má ṣe kọ "mà" tàbí "sà" sí ẹni tó jẹ́ pé òdòdó tàbí ọmọ ọwọ́ ló fi ṣe àwòrán ara rẹ̀, o ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Ẹ ṣeun" ti tó, ọ̀wọ̀ ti wà nínú "ẹ" yẹn.

Ọ̀gá Títà

Mi ò fara mọ́ èyí o. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọjà fún un. Bó o bá kọ owó síta, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń tà á máa kọ ₦16,000 sábẹ́ tiẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èkejì, nínú ínbọ́ọ̀sì lo ti lè bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó o mọ ohun tó ń wá, kó o fi òmíì hàn án. "DM for price" kò burú. Àwọn ilé ìtajà ńlá ń ṣe é.

Ìyá Ìtòkú

Ọ̀gá, òótọ́ wà nínú èkejì yẹn, mo gbà. Ẹni tó bá wọ inú ínbọ́ọ̀sì rọrùn láti tà fún ju ẹni tó wà níta lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ó máa wọlé ni? Ní ti àwọn tẹ́ ẹ jọ ń tà á, wọ́n á ní kí àbúrò wọn fi àkáǹtì rẹ̀ béèrè owó nínú DM, wọ́n á sì mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó fẹ́ mọ owó rẹ láti bá ọ du ọjà máa mọ̀ ọ́n. Oníbàárà tí kò ráyè nìkan lo fi í pa mọ́ fún.

Onímọ̀ Fóònù

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ DM yìí, torí ìdí kan wà tí wọn kì í fi í padà wá tí kò kan owó rárá.

Tó o bá kọ̀wé sí ẹni tí kò tẹ̀ lé ọ lórí Instagíráàmù, ìwé rẹ kì í bọ́ sáàárín àwọn ìwé rẹ̀ tòótọ́. Inú `Requests` ló máa lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í ṣí ibẹ̀ láti oṣù dé oṣù. O sọ fún un pé "Ẹ yẹ DM yín wò", ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan, ó rò pé o kò kọ̀wé ni. Tó bá jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ, ìṣòro yẹn kò ní sí lọ́dọ̀ tirẹ̀, àmọ́ ìwé tiẹ̀ náà lè bọ́ sínú `Requests` rẹ. Máa ṣí ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ti Fesibúùkù, tó bá jẹ́ Péèjì lo fi ń tajà, Péèjì lè kọ̀wé sí ẹni tó kọ kọ́mẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni fún kọ́mẹ́ǹtì kan, láàárín ọjọ́ 7 sí ìgbà tó kọ ọ́. Bí kò bá fèsì, o ò lè fi òmíràn tẹ̀ lé e. Nítorí náà, má fi àǹfààní kan ṣoṣo yẹn kọ "Ẹ pẹ̀lẹ́ o" lásán. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìtòkú kọ sókè yẹn ni kó o kó sínú rẹ̀.

Ohun mìíràn: tó o bá ń dáhùn, `Reply` tó wà lábẹ́ kọ́mẹ́ǹtì ẹni náà ni kó o tẹ̀, kí fóònù rẹ̀ lè ta á lólobó. Ẹni tó bá kọ ìdáhùn sísàlẹ̀ bí kọ́mẹ́ǹtì tuntun, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Bọ̀sẹ̀ Oníbàtà

Mo rò pé ohun tí wọ́n ń béèrè ni bí a ṣe ń mọ iye tó yẹ ká ta ọjà. Ó rọrùn. Ohun tó o ná sí i, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bàtà tí mo rà ní ₦9,000, ₦18,000 ni mo máa ń kọ. Ó parí.

Ìyá Ìtòkú

Bọ̀sẹ̀, ìbéèrè yẹn kọ́ ló béèrè o, bó o ṣe máa dáhùn ní gbangba ló ń béèrè. Ìlọ́po méjì sì lè bá bàtà mu, àmọ́ kò bá àdìrẹ mu, kò ní tà. Ṣùgbọ́n o rán mi létí ohun kan. Kó o tó dáhùn ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó o mọ iye tó o kò lè lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ká ní aṣọ, aró, àbẹ́là àti owó ẹni tó pa á láró jẹ́ ₦12,300 lórí yáàdì márùn-ún. Fi lẹ́dà àti dátà sí i, ₦600, ó di ₦12,900. O ń tà á ní ₦16,500. O lè sọ fún ara rẹ pé ₦15,500 ni ìsàlẹ̀ rẹ. Kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń sá lọ sínú ínbọ́ọ̀sì láti ronú.

Aládìrẹ Kékeré

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ wò ó, èyí ni mo fẹ́ kọ sábẹ́ àwòrán tí mo gbé síta lánàá. Àwòrán mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, mẹ́rin jẹ́ èyí tí a fi fóòmù tẹ àbẹ́là sí, méjì jẹ́ ẹlẹ́kọ:

"Ẹ káàbọ̀ sí ojúlówó àdìrẹ tó yááyì! Owó wa bẹ̀rẹ̀ láti ₦16,500. Kò wọ́n rárá. Ẹ pè wá lórí fóònù fún àlàyé kíkún."

Ṣé ó dáa?

Ìyá Ìtòkú

Kò tíì dáa. "Bẹ̀rẹ̀ láti" ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó béèrè lè jẹ́ pé ẹlẹ́kọ ló ń wò, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn kò lè jẹ́ ₦16,500. Tó bá gbọ́ owó tiẹ̀ lẹ́yìn náà, á ní o ti fowó kún un. Owó mélòó lo ń ta ẹlẹ́kọ?

Aládìrẹ Kékeré

₦24,000 mà.

Ìyá Ìtòkú

Ó dáa. Fún àwòrán kọ̀ọ̀kan lórúkọ: A1, A2, títí dé A6, kó o kọ ọ́ sí igun àwòrán náà. Lẹ́yìn náà kọ ìdáhùn rẹ báyìí:

"Ẹ ṣeun. A1 sí A4, ₦16,500 fún yáàdì márùn-ún. A5 àti A6 jẹ́ ẹlẹ́kọ tí a fọwọ́ yà, ₦24,000 fún yáàdì márùn-ún. Aṣọ tí a kò tíì rán ni gbogbo wọn. A3 ti tán. Èwo lẹ ń wò?"

Yọ "kò wọ́n rárá" kúrò. Oníbàárà ló máa sọ ìyẹn. Yọ "ẹ pè wá" náà kúrò, torí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ èrò tàbí níbi iṣẹ́ kò lè pè ọ́. Ó ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló dé tó o fi ń lé e lọ síbòmíì?

Onímọ̀ Fóònù

Orúkọ àwòrán yẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, orúkọ nìkan ni kó o kọ sórí àwòrán, má kọ owó sí i. Lẹ́yìn tó o bá ti gbé àwòrán síta lórí Instagíráàmù, o ò lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán lo lè tún ṣe. Bí aró bá wọ́n lóṣù tó ń bọ̀, owó àtijọ́ á ṣì máa wà lórí àwòrán rẹ, tí àwọn èèyàn á sì máa fi mú ọ.

Kọ owó náà sínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán látìbẹ̀rẹ̀, ní ìlà àkọ́kọ́, kó tó di ibi tí fóònù ti máa ń gé e tí á ní kí wọ́n tẹ `more`. Ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kọ kọ́mẹ́ǹtì kan tó ní gbogbo owó, kó o sì kàn án mọ́ òkè pẹ̀lú `Pin`. Àwọn kan ṣì máa béèrè, má bínú sí wọn. Dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn ní ṣókí, kó o sì yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀díẹ̀. Bó o bá lẹ ọ̀rọ̀ kan náà mọ́ abẹ́ ogójì èèyàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Instagíráàmù lè rò pé ẹ̀rọ lo fi ń ṣe é, á sì dí ọ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́kámù

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, gèlè àti aṣọ òkè ni mò ń tà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń béèrè ní náírà, àwọn tó wà níbí máa ń béèrè ní pọ́n-ún, lábẹ́ àwòrán kan náà. Owó méjèèjì ni mo máa ń kọ, mo sì máa ń kọ ibi tí ọjà wà: "Ọjà yìí wà ní Lọ́ńdọ̀nù, £65, owó ìfiránṣẹ́ láàárín UK wà nínú rẹ̀." Níbí, òfin ọdún 2024 tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù kẹrin ọdún 2025 kò fẹ́ kéèyàn pe owó kékeré lákọ̀ọ́kọ́ kó tó wá máa fi owó mìíràn tí oníbàárà kò lè yẹ̀ sílẹ̀ kún un. Àdìrẹ rẹ, tí ẹnì kan bá béèrè láti ibí, má fi owó wébìlì ilé dá a lóhùn. Béèrè ìlú kó o tó pe owó ìfiránṣẹ́, kó o sì sọ fún un pé owó ibodè lè wà lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Amòfin Ọjà

Nàìjíríà náà ní òfin tiẹ̀ o. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní abala 115, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà fún títà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà rí owó rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gba ohun tó ju owó tó pàtẹ lọ. Nítorí náà, Ọ̀gá Títà, "DM for price" kì í kàn ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ọjà nìkan. Àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń ṣe é kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́.

Ọ̀gá Títà

Amòfin, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àgbádá tí wọn kò tíì rán ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọjà tí a pàtẹ, iṣẹ́ tí a ti ṣe fún ẹlòmíì la fi hàn. Owó wo ni mo fẹ́ kọ sí i?

Amòfin Ọjà

Ibẹ̀ yẹn ṣòro díẹ̀. Àwọn kan á ní àpẹẹrẹ iṣẹ́ ni, àwọn kan á ní bó o bá kọ "ẹ wá ra tiyín" sábẹ́ rẹ̀, o ti pàtẹ rẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní fi ọwọ́ sọ̀yà lé èyíkéyìí.

Tẹ́lọ̀ Kẹ́hìndé

Ẹ fi òfin sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká sọ bí a ṣe ń pe owó àgbádá. Èmi kì í pe "láti" lásán. Owó èyí tó wà nínú àwòrán gan-an ni mo máa ń pè, màá sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ká fi owó àdìrẹ rẹ ṣe é: àgbádá, bùbá àti ṣòkòtò géńdé máa gba nǹkan bíi yáàdì 10, ìyẹn méjì nínú yáàdì márùn-ún rẹ, ₦33,000. Ká ní rírán rẹ̀ jẹ́ ₦30,000, kí iṣẹ́ ọnà àyà jẹ́ ₦22,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦85,000. Kọ ọ́ báyìí:

"Èyí tó wà nínú àwòrán, ₦85,000: aṣọ yáàdì 10, rírán àgbádá, bùbá àti ṣòkòtò, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà àyà. Fìlà kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ga tàbí tó sanra lè nílò yáàdì 12. Iṣẹ́ ọnà tó bá dé apá máa fi owó kún un. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́?"

Ìbéèrè ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju ti ìlú lọ fún iṣẹ́ rírán. Bó bá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, o ti mọ̀ pé o ò lè gbà á nìyẹn, tàbí pé owó kánmọ́kánmọ́ máa wọ̀ ọ́. Fìlà sì rèé, ẹ má fojú kéré ẹ o. Bí ẹni inú àwòrán bá dé fìlà, tí o kò sọ pé kò sí nínú owó náà, o máa rán fìlà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwọ̀n ara, nọ́ńbà fóònù àti ilé ẹni náà, ìwọ̀nyí ni kó o gbà nínú ínbọ́ọ̀sì. Wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ síta.

Aládìrẹ Kékeré

Èyí yé mi dáadáa. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ síta pé "Ó ti wọ́n jù, èló lẹ máa gbà gan-an?" ńkọ́? Tí mo bá dín in kù fún un níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa rí i.

Ọ̀gá Títà

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ₦20,000 fún ọjà ₦16,500. Yorùbá ni wá, a máa ń ná ọjà. Bí mo bá dín ₦3,500 kù fún un, inú rẹ̀ á dùn, èmi náà ò ní pàdánù.

Ìyá Ìtòkú

Ní ọjà Ìtòkú ó ń ṣiṣẹ́. Bí oníbàárà bá yíjú padà, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, màá pè é pé "Ẹ padà wá, èló lẹ fẹ́ san?" Lórí fóònù, mi ò rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó rí ₦20,000 tí kò ní in lọ́wọ́ ti lọ, mi ò sì mọ̀ pé ó wá rárá.

Àbúrò, owó kan ni kó o pe, kó o fi iye tí wọ́n bá rà ṣe ẹ̀dínwó, ní gbangba: "₦16,500 ni a ń tà á. Tí ẹ bá mú méjì, ₦32,000." Ìyẹn ti di ₦16,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣì ga ju ìsàlẹ̀ ₦15,500 tá a sọ lọ. Gbogbo ẹni tó bá kà á ló lè rí ẹ̀dínwó náà gbà, kò sẹ́ni tó máa ní o ṣe ojúsàájú. Má fún ẹnì kan ní ₦15,500 níta lónìí kó o sì pe ₦16,500 fún ẹlòmíì lọ́la lábẹ́ àwòrán kan náà. Wọ́n máa ka ti àtijọ́.

Àwọn tó ń rà á lọ tà, tí wọ́n fẹ́ ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn nìkan ni mo gbà pé kó o pè sí ínbọ́ọ̀sì. Owó tiwọn kò kan ẹni tó fẹ́ ọ̀kan.

Ọ̀gá Títà

A ò ní gbà lórí èyí, màmá. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi kì í rà tí mi ò bá dín nǹkan kù fún wọn, bó ti wù kí owó àkọ́kọ́ kéré tó.

Ìyá Ìtòkú

Ó lè jẹ́ pé ìwọ lo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ jà lórí àwọn oníbàárà rẹ.

Onímọ̀ Fóònù

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ, ó sì burú ju owó lọ. Àwọn ọlọ́ṣà ń ṣọ́ abẹ́ "Èló ni?" yẹn. Wọ́n á ṣí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ jọ tìrẹ, bóyá lẹ́tà kan péré ló yàtọ̀, wọ́n á jí àwòrán rẹ lò, wọ́n á sì dá oníbàárà rẹ lóhùn kó o tó dé: "Ẹ kọ̀wé sí wa lórí Wọ́sáàpù yìí, ẹ̀dínwó wà." Ó sanwó fún wọn, ìwọ ló sì máa wá bá ṣẹjọ́. Bí wákàtí tí ìbéèrè fi wà láìsí ìdáhùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ààyè wọn ń pọ̀ sí i.

Máa ka àwọn ìdáhùn tó wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, má kàn ka ìbéèrè nìkan. Èyí tí kì í bá ṣe tìrẹ tó sì ní nọ́ńbà nínú, pa á rẹ́, kó o dí àkáǹtì náà. Nínú ètò Instagíráàmù, ní `Hidden Words`, o lè kọ "wa.me" àti "whatsapp" síbẹ̀ kí irú kọ́mẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ máa fara pa mọ́ fúnra rẹ̀. Má kọ nọ́ńbà àkáǹtì báńkì sínú kọ́mẹ́ǹtì láéláé. Nínú ínbọ́ọ̀sì ni kó o fún wọn, kí orúkọ tó máa jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sì jẹ́ orúkọ tó wà lórí ojúewé rẹ.

Tó o bá fẹ́ kí wọ́n wá sórí Wọ́sáàpù, líǹkì rèé:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20ra%20A2
```

Fi nọ́ńbà rẹ sí ipò àwọn X, láìsí òdo àkọ́kọ́, láìsí àmì `+`. Ẹni tó bá kọ `wa.me/080...` kò ní rí nǹkan kan ṣí. Àwọn `%20` yẹn dúró fún àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́, "Mo fe ra A2" á ti wà níbẹ̀, kò ní máa bẹ̀rẹ̀ láti "Ẹ n lẹ́ o". Lórí Fesibúùkù, líǹkì yìí ṣeé tẹ̀ nínú kọ́mẹ́ǹtì. Lórí Instagíráàmù kò ṣeé tẹ̀ níbẹ̀, inú báyò ni kó o fi sí.

Aládìrẹ Kékeré

Tí ẹni méjì bá fẹ́ èyí tó kù kan ṣoṣo ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ lánàá lórí A3.

Tẹ́lọ̀ Kẹ́hìndé

Ẹni tó kọ́kọ́ sanwó ni. Kọ ọ́ sínú ìdáhùn ẹni méjèèjì: "Ó ku ọ̀kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín." Má ṣe gbé e pa mọ́ fún ẹni tó ní òun ń bọ̀ láìdá àkókò. Bí o bá fẹ́ gbé e pa mọ́, sọ aago: "Màá gbé e sílẹ̀ dè yín títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní." Bí aago mẹ́fà bá lù, kọ ọ́ síta pé ó ti wà fún títà padà.

Ìyá Ìtòkú

Bó bá sì ti tán, padà síbẹ̀ kó o kọ ọ́ pé "A3 ti tán, irú rẹ̀ tuntun máa jáde láró ní Ọjọ́bọ̀." Má pa ìbéèrè wọn rẹ́. Ẹni tó dé lẹ́yìn á rí i pé ọjà rẹ ń tà, á sì mọ ọjọ́ tó máa padà wá.

Aládìrẹ Kékeré

Mo ní àwòrán tó ti lé lọ́dún kan lórí ojúewé mi, ₦11,000 ni owó tó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń béèrè lábẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n pa á rẹ́ ni?

Onímọ̀ Fóònù

Má pa á rẹ́ tó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn ṣì ń gba ibẹ̀ wá. Tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè rẹ̀, yan `Edit`, kó o yọ ₦11,000, kó o kọ owó òní tàbí "ti tán" sí ìlà àkọ́kọ́. Àwọn kọ́mẹ́ǹtì rẹ àtijọ́ tó ní ₦11,000 nínú, wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó o pa wọ́n rẹ́, torí títún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ṣe kò kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà dá àwọn tó béèrè láìpẹ́ lóhùn tààrà: "Owó àtijọ́ nìyẹn, ẹ má bínú. ₦16,500 ni báyìí fún yáàdì márùn-ún." Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àwòrán tí ìbéèrè tuntun wà lábẹ́ wọn ní oṣù yìí, kó o tó lọ sí àwọn tó kù.

Amòfin Ọjà

Kó o sì ṣe é kíákíá. Ní báyìí, owó méjì ló wà níta fún aṣọ kan náà, oníbàárà tó bá mú ₦11,000 dání kì í ṣe ẹni tó o lè sọ fún pé kò mọ̀wé kà.